Omi Gbígbóná àti Àbàwọ́n Ara Aṣọ

Bí nǹkan bá ta sí aṣọ, omi gbígbóná ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn a ní níwọ̀n ìgbà tí omi gbígbóná ń fọ ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ ju omi tútù lọ, kò sí ìdọ̀tí tí kò lè ṣí kúrò lára aṣọ. Ọ̀rọ̀ yìí rí bẹ́ẹ̀ ní apá kan, kò sì rí bẹ́ẹ̀ ní apá kejì. Ọ̀rẹ́ ni omi gbígbóná jẹ́ fún ẹni tí epo ta sí láṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀tá ni fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ta sí láṣọ. Aṣọ funfun tí ìbá mọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú omi tútù lè di aṣọ alábàwọ́n títí ayé nítorí pé ẹnì kan da omi orí iná lé e lórí. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ni a ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní í ṣòro fún láti mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí àbàwọ́n bá dé.

Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi pupa lásán. Omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan wà nínú omi náà tí a ń pè ní purotéènì. Purotéènì ni èròjà pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri inú ara wa. Òun náà ni ó pọ̀ nínú ẹran, nínú wàrà, àti nínú funfun ẹyin. Níwọ̀n bí ẹyin ti wọ́pọ̀ nínú ilé, tí kò sì sí ẹni tí kò mọ ìṣe rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fi ẹyin ṣe àpẹẹrẹ.

Nígbà tí a bá fọ́ ẹyin tútù, funfun rẹ̀ a máa ṣàn, ojú a sì máa rí òdì kejì rẹ̀. Bí a bá bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi tútù tí a sì rò ó, yóò pò mọ́ omi náà. Ṣùgbọ́n bí a bá da ẹyin kan náà sínú omi tí ń hó, lójú ẹsẹ̀ ni yóò di funfun báláú, tí yóò sì le. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè sọ ẹyin sísè di ẹyin tútù mọ́. Bí a tilẹ̀ rì í sínú odò fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin sísè ni yóò máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ rí. Àwọn tí ó máa ń se ẹ̀jẹ̀ ẹran mọ́ ọbẹ̀ mọ̀ dájú pé bí ó bá ti kan ooru ni yóò dì, tí yóò sì di aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi gbígbóná lé ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára aṣọ, ńṣe ni ó ń se ẹ̀jẹ̀ náà, ìkòkò tí ó sì lò ni aṣọ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lè gé aṣọ òwú funfun méjì tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kí ó kán funfun ẹyin tútù díẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ó sọ ọ̀kan sínú àwo omi tútù, kí ó sọ èkejì sínú omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọṣẹ fọ méjèèjì nínú omi tútù, kí ó sá wọn kí wọ́n gbẹ. Èyí àkọ́kọ́ yóò rọ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní ti èkejì, bí ó bá fi ìka pa á lójú, yóò rí ibi tí ó le gbagidi bí ìgbà tí a fi ẹ̀kọ pa aṣọ lára. Ohun tí ó le yẹn ni purotéènì tí ooru ti sè mọ́ fọ́nrán aṣọ.

Báwo ni ooru ṣe ń ṣe èyí? Ọ̀kọ̀ọ̀kan purotéènì dà bí òwú gígùn kan tí a ká jọ di ìṣù kékeré. Ọ̀nà tí a gbà ká a jọ náà kì í ṣe lásán: apá tí ó fẹ́ràn omi ni ó kọjú síta, apá tí kò sì fẹ́ràn omi ni ó fara pamọ́ sínú. Nítorí èyí ni omi tútù fi lè gbé e lọ wẹ́rẹ́. Nígbà tí ooru bá dé, ìṣù náà yóò tú. Apá tí ó ti fara pamọ́ yóò bọ́ síta, kò ní fẹ́ kan omi, yóò sì máa wá ohun mìíràn tí yóò dì mọ́. Ìṣù kan yóò lọ́ mọ́ èkejì, èkejì yóò lọ́ mọ́ ẹ̀kẹta, gbogbo wọn yóò sì so kọ́ra yí fọ́nrán aṣọ ká bí àwọ̀n. Láti ìgbà náà lọ, omi kò rí ìdí rẹ̀ mú mọ́.

Kì í ṣe gbogbo omi tí ó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó ń ṣe báyìí. Ìwọ̀n ooru ara ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 37 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ kò sì sè nínú ara wa. Nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 60 ni funfun ẹyin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ti ẹ̀jẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Omi tí ó tó bẹ́ẹ̀ ti kọjá ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè fara dà. Nítorí náà, ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́ lè mọ̀ pé omi tí ọwọ́ òun kò lè gbà, ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ náà kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára jù ni láti má ṣe dán an wò rárá. Omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láti inú kànga ni ó tọ́, tàbí omi inú àmù. Omi tí ó ti wà nínú táńkì lórí òrùlé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kì í ṣe omi tútù, bí a tilẹ̀ bù ú láti ẹnu ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tútù bá ta sí aṣọ òwú, irú bí aṣọ ilé-ìwé, ankara, gínì, tàbí aṣọ ìtẹ́bùsùn. Kí á kọ́kọ́ tẹ́ ibi tí ó ta sí náà sí abẹ́ omi tútù láti òdì kejì, kí omi lè máa ti ẹ̀jẹ̀ náà jáde gba ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Bí omi bá gba ojú rẹ̀, ńṣe ni yóò tún máa tì í wọ inú aṣọ lọ. Lẹ́yìn èyí, kí á po iyọ̀ ṣíbí ìpotíì kan mọ́ omi tútù tí ó kún ife kan, kí á sì rẹ ibẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Iyọ̀ díẹ̀ a máa ran purotéènì lọ́wọ́ láti yọ́ sínú omi. Omi náà yóò pupa díẹ̀díẹ̀. Kí á dà á nù, kí á sì pààrọ̀ rẹ̀ títí tí kò fi ní pupa mọ́. Nígbà náà ni kí á tó fi ọṣẹ sí i, kí á sì fi ọwọ́ méjèèjì ra á díẹ̀díẹ̀. Ọṣẹ kì í ṣe ohun àkọ́kọ́. Omi tútù ni ohun àkọ́kọ́.

Àwọn télọ̀ ní ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí á mẹ́nu bà. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì kán sí aṣọ oníbàárà, yóò jẹ òwú funfun díẹ̀ lẹ́nu kí ó lè tutù, yóò sì fi í tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ náà léraléra títí yóò fi gbà á tán. Àwọn kan gbà pé itọ́ ẹni nìkan ni ó lè yọ ẹ̀jẹ̀ ẹni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ náà kò tíì gbẹ, itọ́ kò sì gbóná. Omi tútù yóò ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin gidigidi. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé láìròtẹ́lẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ sábà máa ń fi aṣọ náà pamọ́ nítorí ìtìjú títí tí yóò fi délé ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá bu omi gbígbóná sí i ní ìkọ̀kọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kò yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ mìíràn, kò sì le láti fọ̀ jù ú lọ. Bí ó bá lè rí omi tútù bù sí i kí aago ilé-ìwé tó lù, kódà bí kò bá rí ọṣẹ, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ kí aṣọ náà dúró títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó sì rẹ ẹ́ sínú omi tútù oníyọ̀ mọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó gbẹ lásán ṣì lè yọ́. Èyí tí a ti sè ni kò lè yọ́.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì nìyí. Bí a bá rẹ aṣọ náà sínú omi tútù fún ìdajì wákàtí tí omi sì pupa tàbí tí ó pọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀pẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ni. Kí á máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá mọ́ gaara tí aṣọ sì dúró pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, ó ti sè. Bóyá omi gbígbóná ni ó sè é, bóyá áyọ́ọ̀nù ni. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ̀ aṣọ òwú gbóná ju omi híhó lọ ní ìlọ́po, nítorí náà ẹni tí ó bá lọ̀ aṣọ kí ó tó wo ojú rẹ̀ dáadáa lè fi ìṣẹ́jú àáyá méjì so ohun tí kò ní lè tú mọ́ ọn lára.

Fún aṣọ òwú tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀nà méjì ṣì kù. Àkọ́kọ́ ni ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀ pé ó ní ẹ́ńsáìmù. Ẹ́ńsáìmù tí ó wà nínú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ a máa gé purotéènì sí wẹ́wẹ́, bí inú wa ti ń gé ẹran tí a jẹ. Kí á pò ó mọ́ omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, èyí tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 lọ, kí á sì rẹ aṣọ sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí á má ṣe rò pé bí omi bá gbóná sí i ni iṣẹ́ yóò yá sí i. Purotéènì ni ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀. Omi tí ó bá se ẹ̀jẹ̀ yóò se òun náà, yóò sì di òkú sínú omi.

Ọ̀nà kejì ni haidirójìn pẹrọ́kísáìdì, oògùn olómi tí a ń rà nílé ìta oògùn fún ojú ọgbẹ́. Èyí tí ó jẹ́ ìdá 3 nínú 100 ni kí á lò. Bí a bá kán an sí ojú ẹ̀jẹ̀, yóò hó yaya, yóò sì máa bó àwọ̀ àbàwọ́n náà. Nígbà tí híhó rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, kí á fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́, kí á tún kán òmíràn, kí á sì fi omi tútù ṣan án dáadáa ní ìkẹyìn. Lára aṣọ funfun, oògùn yìí dára púpọ̀. Lára aṣọ aláwọ̀, kò ṣeé fọkàn tán, nítorí pé bí ó ti ń bó àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ó lè bó àwọ̀ aṣọ pẹ̀lú. Kí á kọ́kọ́ kán ẹyọ kan sí abẹ́ ìṣẹ́tí, níbi tí ojú kò tó, kí á sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí á tó kán an sí gbangba.

Òwú ni a ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá bí aṣọ náà bá jẹ́ ṣẹ́dà tàbí irun àgùntàn, nítorí pé purotéènì ni àwọn méjèèjì jẹ́. Ara ewéko ni òwú ti wá; itọ́ kòkòrò ni ṣẹ́dà, irun ẹranko sì ni èkejì. Ọṣẹ ẹlẹ́ńsáìmù tí ó ń gé ẹ̀jẹ̀ kò mọ èyí tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe aṣọ. Yóò gé àwọn méjèèjì pọ̀. Bílíìṣì olóòórùn líle tí àwọn kan fi ń fọ aṣọ funfun burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: yóò sọ ṣẹ́dà di pípọ́n, yóò sì jẹ ẹ́ títí yóò fi fàya. Bákan náà ni ọṣẹ tí ó bá ní eérú púpọ̀, tí ó ń ta ènìyàn lọ́wọ́, kò yẹ fún wọn.

Bí a kò bá mọ irú aṣọ tí a mú lọ́wọ́, kí á fa fọ́nrán kan yọ lábẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀, kí á fi ẹ̀mú dì í mú, kí á sì fi iná kàn án lórí àwo. Òwú yóò jó bí ìwé, yóò rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ yóò sì fẹ́lẹ́. Ṣẹ́dà àti irun àgùntàn yóò rùn bí irun orí tí iná rá, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù yóò sì fọ́ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí a fi èròjà epo rọ̀bì ṣe, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní pólísítà, yóò yọ́, yóò sì di kókó líle bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn kan tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti pàdé. Àgbádá sányán kan wà nínú ẹbí kan, tí bàbá bàbá wọn fi sílẹ̀. Sányán àtijọ́ ni, irú èyí tí a fi fọ́nrán ṣẹ́dà inú igbó hun, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí àwọ̀ àgbàdo yíyan kí ó tó jó. Kì í ṣe èyí tí a pa òwú láró láti jọ ọ́. Ọmọkùnrin ilé wọ̀ ọ́ lọ kírun ní ọjọ́ Iléyá. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹran, apá àgbádá náà fara kan itan àgbò. Ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ọn lójú kan, ó sì tóbi tó ẹnu ife. Ìyàwó ilé rí i pé ọ̀rá ni ó ń dán lójú aṣọ, ó sì ti gbé omi kaná. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó dá a dúró.

“Ìyàwó, kí ni o fẹ́ fi omi yẹn ṣe?”

“Ìyá, mo fẹ́ fi yọ ọ̀rá tí ó wà lápá àgbádá ni. Omi tútù kò lè ràn án, ẹ wò ó bí ó ti dì.”

“Òótọ́ ni o sọ nípa ti ọ̀rá. Ta ni yóò wá bá wa yọ ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá sè é tán? Sọ omi náà kalẹ̀. Ọ̀rá yóò dúró dè wá. Ẹ̀jẹ̀ kò ní í dúró.”

Ìdájọ́ ìyá yìí ni ó tọ́. Nígbà tí àbàwọ́n méjì bá pàdé lójú kan, tí ọ̀kan ń fẹ́ omi tútù tí èkejì sì ń fẹ́ ooru, èyí tí ooru lè bà jẹ́ ni a ó kọ́kọ́ yọ. Wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí ha ọ̀rá tí ó dì náà kúrò láìfi agbára ha aṣọ. Wọ́n tẹ́ táwẹ́lì funfun sí abẹ́ apá náà, wọ́n rẹ aṣọ òwú sínú omi tútù oníyọ̀, wọ́n sì ń fi í tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọn kò ra á, nítorí pé agbára ṣẹ́dà a máa dín kù nígbà tí ó bá tutù, ìhun aṣọ òkè sì lè ṣí. Wọn kò rẹ odindi àgbádá náà sómi pẹ̀lú, kí ó má baà súnkì níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ìgbà tí ó tó ìgbà mẹ́fà ni wọ́n pààrọ̀ aṣọ ìtẹ̀ náà kí ó tó dẹ́kun pípupa.

Òjìji àwọ̀ ilẹ̀ kan ṣẹ́ kù. Ọmọ ilé tí ó wà ní ilé-ìwé gíga dábàá pẹrọ́kísáìdì. Ní tèmi, n kò ní fi í kan sányán. Àwọ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ fọ́nrán náà ni ẹwà rẹ̀, pẹrọ́kísáìdì sì lè sọ ojú kan di funfun láàárín rẹ̀; òjìji fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lábẹ́ apá sàn ju ojú funfun tí gbogbo ènìyàn yóò máa wò. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ọ̀rá tí ó kù. Nígbà tí ibẹ̀ gbẹ, wọ́n bu àtíkè funfun lé e, wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè fa ọ̀rá mu, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ irun orí mọ́ omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Ọṣẹ tí kò ba irun orí jẹ́ yẹ fún ṣẹ́dà, nítorí ìbátan ni wọ́n. Wọ́n fi omi mímọ́ ṣan án, wọ́n ká a sínú táwẹ́lì gbígbẹ dípò kí wọ́n fún un, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí abẹ́ òjìji. Ọ̀rá àgbò le ju ọ̀rá mìíràn lọ. Omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ kò lè yọ́ ọ. Bí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí, kí á gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbàfọ̀ tí ń fi oògùn fọṣọ láìlo omi, kí á sì sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ti kọ́kọ́ wà níbẹ̀ rí, nítorí pé àwọn náà ń lo ooru.

Ọ̀rọ̀ epo lára aṣọ òwú rọrùn ju èyí lọ, níbẹ̀ sì ni omi gbígbóná ti gba iyì rẹ̀ padà. Epo kì í sè bí ẹ̀jẹ̀. Ńṣe ni ooru ń yọ́ ọ, tí ọṣẹ fi ń rí i mú. Orí ọ̀kan nínú fọ́nrán ọṣẹ fẹ́ràn epo, orí èkejì fẹ́ràn omi. Bí ó ti di epo mú ni omi yóò di òun mú, gbogbo wọn yóò sì bá omi lọ. Bí epo pupa bá kán sí bùbá òwú, kí á bu àtíkè tàbí ìyẹ̀fun lé e kí ó fa èyí tí ó bá lè fà, kí á gbọ̀n ọ́n dànù, kí á fi ọṣẹ ra ojú rẹ̀ ní gbígbẹ, kí á tó wá fọ̀ ọ́ nínú omi tí ó gbóná tó bí ọwọ́ bá ti lè gbà. Epo lè lọ tán kí àwọ̀ pípọ́n rẹ̀ sì kù. Kí á má ṣe fi ìyẹn dààmú ara wa. Oòrùn a máa pa àwọ̀ epo pupa. Bí a bá sá aṣọ funfun náà ní tútù síta fún ọjọ́ kan tàbí méjì, yóò ṣá. Aṣọ aláwọ̀ ni kí á má ṣe fi sílẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀, kí tirẹ̀ náà má baà ṣá.

Pólísítà fẹ́ràn epo ju òwú lọ, nítorí pé láti inú epo rọ̀bì ni òun fúnra rẹ̀ ti wá. Epo tí ó bá pẹ́ lára rẹ̀ yóò wọ̀ ọ́ lára. Kí á yára fi ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo ra ojú rẹ̀, kí á fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí á sì lo omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe omi híhó, nítorí pé ìwúnjọ tí omi híhó bá fi sí ara pólísítà a máa pẹ́ kí ó tó lọ. Gírísì mọ́tò ń fẹ́ kẹrosíìnì díẹ̀ kí ọṣẹ tó dé ibẹ̀, ní ìta gbangba tí iná kò sí nítòsí.

Ní ti tàdáwà, kò sí òfin kan tí ó bá gbogbo rẹ̀ mu, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ṣe é kò dọ́gba. Tàdáwà kálámù tí a ń rì sínú ìgò jẹ́ ti omi. Omi tútù àti ọṣẹ ni kí á kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀ kíákíá. Ti bírò kì í ṣe ti omi rárá. Aró ni wọ́n pò mọ́ ohun tí ó ki bí òróró, omi kò sì lè wọ inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí bírò bá ya sí lápò yóò sáré lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, yóò ra á, yóò sì sọ àmì tí kò ju owó ẹyọ kan lọ di odindi àpò. Sípíríìtì tí kò ní àwọ̀ ni ó ń tú u. Kí aṣọ náà gbẹ. Kí á dojú àbàwọ́n náà bolẹ̀ sórí aṣọ àkísà funfun. Kí á fi òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì máa tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, láti etí wá sí àárín. Aró yóò máa sọ̀kalẹ̀ sínú àkísà náà. Kí á máa sún un sí ojú mímọ́ mìíràn ní gbogbo ìgbà, nítorí pé àkísà tí ó ti kún fún aró yóò dá a padà sí aṣọ. Nígbà tí àkísà kò bá gba àwọ̀ mọ́ ni kí á tó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Sípíríìtì kì í ba òwú tàbí pólísítà funfun jẹ́. Lára ankara àti àdìrẹ, kí á dán an wò lábẹ́ ìṣẹ́tí, nítorí pé aró tirẹ̀ lè tẹ̀ lé ti bírò. Oògùn tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná lágbára ju sípíríìtì lọ, ṣùgbọ́n aṣọ àtẹ̀sínú kan wà tí ń dán bí ṣẹ́dà tí yóò yọ́ bí ó bá kàn án. Àwọn bírò kan sì wà tí ó jẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ni ó wà nínú wọn, kì í ṣe aró; ìwọ̀nyí kì í yọ́ sínú ohunkóhun. Bí àkísà bá funfun síbẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀ mẹ́wàá, irú èyí ni, kí á sì má fi ara wa ṣiṣẹ́ lásán.

Ohun kan tí ó kù ni ìgbà tí ó yẹ kí á wo aṣọ. Aṣọ tútù a máa fi àbàwọ́n epo pamọ́, nítorí pé gbogbo ojú rẹ̀ ni ó ṣú bákan náà. Nítorí náà, lẹ́yìn tí aṣọ bá ti gbẹ lórí okùn, kí á gbé e sójú oòrùn, kí á wo ibi tí àbàwọ́n wà ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Bí òjìji kankan bá ṣẹ́ kù, inú omi ni aṣọ náà yóò padà sí, kì í ṣe abẹ́ áyọ́ọ̀nù.